Ẹ̀yin olùbùpín oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó mú ìgbakọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòkò ìrẹsì mẹ́ta la sè, kóńgò 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbakọ 2 ni fún àgbàlagbà, ìgbakọ 1 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ìgbakọ kó tẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kó ga bí òkìtì. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n báyìí, ìkòkò kan á fún wa ní àwo 120, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 360.

Ọbẹ̀ jẹ́ ìkòkò méjì, ìpọnbẹ̀ kékeré 1 fún àwo kan. Ìkòkò kan tó àwo 200, nítorí náà ọbẹ̀ kò ní tán ṣáájú ìrẹsì. Ẹran 1 péré ni o, a ti kà á.

Lọ́dún tó kọjá, a bù jù níbẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá arúgbó tó dúró lẹ́yìn sì lọ lófo. Ó dùn mí gan-an. Àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn lónìí. Bí ìkòkò kan bá ti tán tí àwo kò tíì pé 110, ẹ pè mí kí ẹ tó ṣí òmíràn.