Ìwé Àkọsílẹ̀ Ìtutù Fíríìjì Àjẹsára: 10 sí 17 Oṣù Ẹrẹ́nà 2025

Ibùdó: Ilé ìlera alábọ́dé, agbègbè Láfénwá, Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta
Fíríìjì: Èyí tó ń ṣí láti òkè, tí yìnyín yí inú rẹ̀ ká. Nọ́bù òtútù wà ní 3.
Ẹ̀rọ ìwọ̀n: Fridge-tag 2, láàárín àwọn ìgò inú apẹ̀rẹ̀ òkè
Ìwọ̀n tó tọ́: +2°C sí +8°C
Àkókò kíkọ: 7:30 àárọ̀ àti 4:00 ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ ọdún wà nínú rẹ̀.
Àwọn tó ń kọ: A, nọ́ọ̀sì àjẹsára, B, igbákejì rẹ̀, D, ọlọ́dẹ, tí a ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀rọ

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wo bóyá OK ni ẹ̀rọ ń sọ tàbí ALARM. Ẹ ka ìwọ̀n rẹ̀ kíákíá, kí ẹ sì dé ọmọrí padà. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ. Ìwé tí gbogbo ìlà rẹ̀ jẹ́ +5.0 láti òpin dé òpin kò jọ òótọ́ lójú ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí. Tí ẹ kò bá sí níbẹ̀ ní 4:00, ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ má ṣe méfò. Kò sí ẹni tí yóò bá yín jà nítorí àyè òfìfo, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àfọwọ́fà lè jẹ́ kí wọ́n gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tí kò lágbára mọ́.

| Ọjọ́ | 7:30 | 4:00 | Ojú ẹ̀rọ | Ẹni | Ohun tó ṣẹlẹ̀ |
|---|---|---|---|---|---|
| Ajé 10 | +4.6 | +5.1 | OK | A | Iná wà fún wákàtí 6 péré láti àná. |
| Ìṣẹ́gun 11 | +4.9 | +5.5 | OK | A | Iná wákàtí 5. A gún àjẹsára títí di 1:00 ọ̀sán. |
| Ọjọ́rú 12 | +5.2 | +6.4 | OK | B | Iná lọ ní 1:05 ọ̀sán. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti jó. |
| Ọjọ́bọ̀ 13 | +9.4 | +5.8 (nínú kúlà) | OK | A | A kó gbogbo ìgò sínú kúlà ńlá ní 8:20, pẹ̀lú ẹ̀rọ. A gbé e lọ sí ilé ìpamọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Iná dé ní 5:10 ìrọ̀lẹ́. |
| Ẹtì 14 | +6.8 | +4.4 | – | B | Fíríìjì ṣófo. Tẹmómítà ara rẹ̀ la kà. Iná kò lọ. |
| Àbámẹ́ta 15 | +4.1 | +2.6 | OK | D, B | A dá àjẹsára padà ní 10:00 àárọ̀. |
| Àìkú 16 | +0.4 | +3.1 | ALARM ▼ | D, A | Ó lọ sílẹ̀ dé −0.8°C lóru, ó wà nísàlẹ̀ −0.5°C fún ìṣẹ́jú 70. A bá nọ́bù ní 5, a dá a padà sí 3. |
| Ajé 17 | +4.2 | +4.5 | OK | A | A mi ìgò wò. Èsì wà nísàlẹ̀. |

Bí ẹ ó ṣe ka ọ̀sẹ̀ yìí

Ìtutù já lẹ́ẹ̀mejì, ekejì sì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ ṣì ń sọ OK nígbà tí ìwọ̀n jẹ́ +9.4. Ẹ̀rọ kò yà wèrè o. Áláàmù ooru kì í dún àfi tí ìwọ̀n bá ti ju +8°C lọ fún wákàtí 10 láìdáwọ́dúró. Àbọ̀ tí a tẹ̀ jáde lórí kọ̀ǹpútà fi hàn pé ó kọjá ààlà fún wákàtí 1 ìṣẹ́jú 20 ní Ọjọ́rú, àti wákàtí 8 ìṣẹ́jú 20 ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, torí ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ ń kọ lọ́tọ̀: wákàtí 9 ìṣẹ́jú 40. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí ó ké. Nítorí náà, ẹ má dúró de áláàmù. Bí nọ́ńbà bá ti kọjá +8, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún wo ìlà Ajé àti Ìṣẹ́gun. Irú fíríìjì yìí nílò iná wákàtí 8 ó kéré tán láàárín ojúmọ́ kan kí yìnyín ara ògiri rẹ̀ tó lè dì dáadáa. Yìnyín yìí ló ń gbé e ró nígbà tí iná bá lọ. Ọjọ́ méjì ni iná kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà nígbà tí iná wá lọ pátápátá, kò sí ohun púpọ̀ tó kù nípamọ́. Tí ẹ bá rí ọjọ́ méjì léraléra tí iná kò pé wákàtí 8, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, bí fíríìjì bá tilẹ̀ ń sọ +5.

Ti Àìkú ni wàhálà. Ẹnìkan yí nọ́bù lọ sí 5 ní Ẹtì kí fíríìjì lè tètè tutù, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìwé fúnra rẹ̀ ti ń kìlọ̀: láti +4.1 sí +2.6 láàárín àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù wọlé. Àkọsílẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, bó tilẹ̀ wà láàárín ààlà, ẹ pe nọ́ọ̀sì A kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti òní lọ, a ti fi téèpù lẹ nọ́bù mọ́ 3. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti aago sínú ìwé yìí kó tó fọwọ́ kàn án. Fíríìjì tó gbóná kò nílò ju iná àti sùúrù lọ.

Nígbà tí ó bá kọjá +8°C

Ẹ má ṣí ọmọrí láti wò ó léraléra. Ẹ kọ aago tí ẹ rí i. Ẹ wo ibi tí wáyà wọ ògiri, sítábílásà, àti fíúsì, kí ẹ tó sọ pé fíríìjì ló bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ń gbálẹ̀ ti fa púlọ́ọ̀gì yọ láìmọ̀. Tí iná kò bá sí, ẹ tan jẹnẹrétọ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ kò bá ṣiṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò kúlà.

Ẹ kó áìsìpáàkì jáde nínú fírísà, ẹ tò ó sórí tábìlì. Ẹ má kó o sínú kúlà bó ṣe ń jáde. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ mì ín sétí: tí omi bá ti ń dún nínú rẹ̀, ó ti tó lò. Nínú ooru Ẹrẹ́nà, ó máa ń gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀. Áìsìpáàkì gbígbẹ tó le bí òkúta ló ń sọ ìgò àjẹsára Pẹ́ńtà di yìnyín lójú ọ̀nà, ẹni tó gbé e á sì rò pé òun ti gbà á là.

Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sáàárín àwọn ìgò, kí ó máa bá wọn lọ. Ẹ kọ iye ìgò tó jáde. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ìtutù ìjọba ìbílẹ̀ kí mọ́tò tó ṣí. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà Láfénwá, ẹ gbéra kí aago 9 tó lù, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ má baà dá yín dúró nínú oòrùn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo àmì VVM lára ìgò kọ̀ọ̀kan, èyí tí ooru máa ń mú kí ó ṣú. Igun mẹ́rin tó wà láàárín gbọ́dọ̀ funfun ju àyíká rẹ̀ lọ. Tó bá ti ń ṣú ṣùgbọ́n tí kò tíì rí bí àyíká, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Tí méjèèjì bá ti ní àwọ̀ kan náà, tàbí tí àárín ṣú jù, ẹ yà á sọ́tọ̀. OPV ni ooru máa ń tètè mú: nínú ooru 37°C, ọjọ́ méjì péré ni àmì rẹ̀ máa fi dé òpin, nígbà tí ti HepB lè gba ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ má da àjẹsára nù kìkì nítorí pé iná lọ. VVM ló ń dájọ́ ooru.

Fíríìjì gbọ́dọ̀ wà láàárín +2 àti +8 fún wákàtí 24 kí ẹ tó kó ẹrù padà sínú rẹ̀.

Nígbà tí ó bá lọ sílẹ̀ ju 0°C lọ, tàbí tí ▼ bá yọ

VVM kò mọ nǹkan kan nípa yìnyín. Ìgò tó ti dì, tó sì ti yọ́ padà, lè ní àmì tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ìdí nìyí tí a fi ń mi ìgò wò.

Àwọn tí yìnyín ń bàjẹ́ ni Pẹ́ńtà, PCV, HepB, Td, HPV, IPV àti Rota olómi. BCG, èéyi àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun, OPV náà sì lè dì láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n omi tí a fi ń po ìyẹ̀fun kò gbọdọ̀ dì, ìgò rẹ̀ á sán. Èyí tí ẹ bá fojú ara yín rí pé ó dì gbagidi, ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, ẹ yọ ọ́.

Bí a ṣe ń mì ín: ẹ mú ìgò kan nínú báàṣì tí ẹ ń fura sí, ẹ kọ “DÌ, MÁ LÒ” sí i lára, ẹ fi sínú fírísà di ọjọ́ kejì títí yóò fi dì gbagidi. Ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀, ẹ má fi omi gbígbóná tàbí oòrùn ràn án lọ́wọ́. Ẹ wá mú ìgò mìíràn láti báàṣì kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, níbi tó tutù jù nínú fíríìjì. Ẹ di méjèèjì mú ní ọwọ́ kan, ẹ mì wọ́n kíkankíkan fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, ẹ gbé wọn sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ máa wò wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìgò tí ẹ ń dán wò bá rọra ń wálẹ̀ ju ti èyí tó dì lọ, ó dára. Tí wọ́n bá jọ wálẹ̀, tàbí tí tirẹ̀ yá jù, gbogbo báàṣì náà tó wà nínú fíríìjì yẹn ti bàjẹ́. Báàṣì kọ̀ọ̀kan ní ìgò ìfiwéra tirẹ̀. Ẹ kò lè fi Pẹ́ńtà dán Td wò. Mímì kò sì ṣiṣẹ́ fún IPV àti Rota.

Èsì Ajé 17 Ẹrẹ́nà, 10:00 àárọ̀

| Àjẹsára | Iye ìgò | Ohun tí a rí | Ìpinnu |
|---|---|---|---|
| OPV | 9 | VVM ti ń ṣú díẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ | Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lò |
| BCG, èéyi, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ | 21 | VVM dára, omi ìpò kò dì | Ẹ máa lò ó |
| Pẹ́ńtà | 14 | Ó rọra wálẹ̀ | Ẹ máa lò ó |
| PCV | 11 | Ó rọra wálẹ̀ | Ẹ máa lò ó |
| Td, HPV | 8 | Wọ́n rọra wálẹ̀ | Ẹ máa lò ó |
| HepB | 4 | Ó bá èyí tó dì wálẹ̀ | Kò ṣeé lò |
| IPV, Rota | 16 | Kò ṣeé mì wò | A kò ní lò ó |

Èsì HepB kò yà wá lẹ́nu: nǹkan bí −0.5°C ló ti ń dì, Pẹ́ńtà sì máa ń fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò ìfiwéra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Pẹ́ńtà, PCV, Td àti HPV ti kúrò nínú iye tó wà lókè. Ti HepB wà nínú 4 náà.

Àwọn ìgò 20 tí a yọ wà nínú páálí pupa, lẹ́yìn òde fíríìjì, tí a kọ “MÁ LÒ” sí. Ẹ má jù wọ́n sí ààtàn. Òṣìṣẹ́ ìtutù ìjọba ìbílẹ̀ yóò kà wọ́n, yóò sì buwọ́ lùwé kó tó kó wọn lọ. Kò sí ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ láàárín òru Àbámẹ́ta sí àárọ̀ òní, nítorí náà kò sí ẹni tí a ní láti pè padà.

Nọ́ọ̀sì B yóò lọ gba HepB ìgò 4, IPV 6 àti Rota 10 ní ilé ìpamọ́ ní 2:00 ọ̀sán òní, pẹ̀lú jíósítáìlì, àpótí kékeré tí a fi ń gbé àjẹsára, àti áìsìpáàkì tí omi ti ń dún nínú rẹ̀, kí àwọn ìyá ọmọ tuntun má baà dé ní Ìṣẹ́gun 18 kí a tún ní kí wọ́n padà. Púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ ti di tuntun. Ọlọ́dẹ D yóò tàn án fún ìṣẹ́jú 15 ní gbogbo Ẹtì, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé yìí.