Lẹ́tà sí gbogbo òṣìṣẹ́: a ń kúrò ní aago 8 sí aago 5, a ń bọ́ sí ṣífìtì

Olúyọ̀lé, Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, 9 Máàṣì 2026

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ààwẹ̀ ẹ kú oǹgbẹ, Ọlọ́run á gbà á. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ ní kántíìnì, pé wọ́n fẹ́ máa fi òru ṣiṣẹ́, pé wọ́n fẹ́ lé àwọn kan dànù, mi ò wá fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíì lẹ máa ti gbọ́ ọ. Òótọ́ ni pé a fẹ́ yí àsìkò iṣẹ́ padà. Irọ́ ni pé a fẹ́ lé èèyàn, kódà a máa gba èèyàn 12 kún ara wa.

Láti Ọjọ́ Ajé 13 Épírì 2026, a ò ní máa ṣe aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ mọ́ lápá ibi tá a ti ń fẹ́ náílọ́ọ̀nù. Ṣífìtì ló kàn. A mọ̀ọ́mọ̀ sún un síwájú ni, ká lè parí ààwẹ̀ ká ṣe ọdún, káwọn Kìrìsìtẹ́nì náà sì ṣe Àjíǹde tiwọn tán, torí kéèyàn máa gbààwẹ̀ kó tún máa kọ́ bó ṣe máa fi òru ṣiṣẹ́, ìyà ni.

Ẹ̀yin oparéto mọ ìdí ẹ̀ jù mí lọ. Tá a bá pa máṣíìnì ní aago 5, gbogbo ráwù tó wà nínú bárẹ́ẹ̀lì á dì, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ tún máa jókòó bíi wákàtí méjì kí hítà tó gbé e gbóná débi tó yẹ, róòlù tó kọ́kọ́ jáde á nípọn lọ́tùn-ún á fẹ́lẹ́ lósì, a ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ká lọ̀ ọ́ padà. Ojoojúmọ́ là ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí máṣíìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tiná wá ńkọ́? Bándì Éè la wà, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ní iná gbọ́dọ̀ wà ó kéré tán, láti Épírì 2024 tí wọ́n sì ti fowó kún un, owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ ga gan-an, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà òru tá a ti ti géètì ni iná yẹn máa ń dúró ire, tí wọ́n bá mú un lọ́sàn-án a ó máa da dísù sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn oníbàárà wa tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà ń pè lójoojúmọ́ ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, a ò rí róòlù fún wọn.

Bó ṣe máa rí nìyí. Tíìmù mẹ́rin la máa pín sí, A, B, C, D, èèyàn mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣífìtì àárọ̀ jẹ́ aago 6 sí aago 2, tọ̀sán jẹ́ aago 2 sí aago 10, náìtì jẹ́ aago 10 sí aago 6. Wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ ni, wákàtí kan nínú ẹ̀ sì jẹ́ ti oúnjẹ àti ìsinmi, súpáfáísọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹni tó máa dúró ti máṣíìnì rọ́pò yín, ẹ má jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ máa ṣe àárọ̀ ọjọ́ méjì, ọ̀sán ọjọ́ méjì, náìtì méjì, ẹ ó wá sinmi ọjọ́ méjì gbáko, ká tó tún bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Tíìmù A ló máa bẹ̀rẹ̀ àárọ̀ ní 13 Épírì, B bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, C bẹ̀rẹ̀ ní náìtì, D máa wà nílé lọ́jọ́ náà àti ọjọ́ kejì, wọ́n á wọlé ní àárọ̀ Ọjọ́rú 15.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Lọ́wọ́lọ́wọ́ ọjọ́ mẹ́fà lẹ̀ ń ṣe lọ́sẹ̀, aago 8 sí aago 5, wákàtí 54 nìyẹn tá a bá ka ti oúnjẹ mọ́ ọn. Nínú ètò tuntun yìí, wákàtí 48 lẹ máa ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ti oúnjẹ náà wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pín in sí ọ̀sẹ̀, 42 ni. Owó oṣù ò dín kọ́bọ̀. Lórí gbogbo náìtì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ṣe é máa gba ₦2,500 sí i, pẹ̀lú owó oṣù ló sì máa wọlé.

Pé náìtì ò gbọ́dọ̀ ju méjì léraléra lọ, èmi ni mo jà fún un. Níbi tí mo ti ṣe oparéto kí n tó wá síbí, oṣù kan gbáko ni wọ́n máa ń fi èèyàn sí náìtì, wákàtí 12 lóru kan. Aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ kan, ẹnì kejì mi tòògbé lórí ìdúró, róólà mú ìka ọwọ́ ẹ̀ méjì. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì tó pa máṣíìnì. Mi ò tíì gbàgbé igbe yẹn, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ níléeṣẹ́ wa yìí láé. Torí náà ẹ má bá ara yín ṣe dọ́bù, ẹni tí tíìmù ẹ̀ bá ti jáde kó máa lọ sílé. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó sọ fún súpáfáísọ̀, a ò ní gbé kúérì fún un.

Ẹ̀yin ìyá àti àǹtí wa ní pákíìnì, ẹ̀yin ò ní ṣe náìtì. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ yìí, abala 55, ò gbà ká fi obìnrin ṣe irú iṣẹ́ yìí lóru. Àárọ̀ aago 6 sí aago 2 àti aago 10 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́ lẹ máa máa pàrọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, Sọ́ńdè yín ò sì ní yí padà. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú, òun fúnra ẹ̀ ló máa sọ èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ilé Ọlọ́run. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ètò yìí fi ń yípo, torí náà ìsinmi yín á máa sún. Nínú Sọ́ńdè mẹ́jọ, méjì péré lẹ máa wà ní ṣífìtì àárọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ máa lọ kírun, ẹlòmíì á dúró fún un, kó ṣáà ti sọ ṣáájú.

Bọ́ọ̀sì wa máa gbéra ní Ìwó Róòdù ní aago 8:45 alẹ́, ó máa gba Challenge kọjá, ó sì máa gbé àwọn tó jáde ní aago 10 padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí láàárọ̀ fún àwọn tó ń wọlé ní aago 6 àtàwọn tó ń jáde ní náìtì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oorun náìtì lójú gun ọ̀kadà.

A máa pàdé ní kántíìnì Ọjọ́ Àbámẹ́ta 14 Máàṣì, aago 2 ọ̀sán, ẹ wá bi mí níbéèrè, a ò ní pẹ́ kí ẹ lè tètè délé ṣínu. Ẹni tó bá ní àìsàn tí òru ò dáa fún, tàbí tó ń dá tọ́mọ, tàbí tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ nírọ̀lẹ́, kó wá bá mi ní ọ́fíìsì títí di Ọjọ́rú 25 Máàṣì, kó má fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù tíìmù torí ọ̀rọ̀ ara ẹni ni. Ọjọ́ Ajé 30 Máàṣì la máa lẹ orúkọ gbogbo tíìmù mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ní mọ̀lẹ́bí tó mọ iṣẹ́ fífẹ́ náílọ́ọ̀nù, kó mú un wá ṣáájú ọjọ́ yẹn, àwọn èèyàn 12 yẹn, ọ̀dọ̀ yín la fẹ́ kọ́kọ́ wò.

Máníjà yín