Ẹ Bá Wa Tún Òrùlé Ilé Ìkàwé Àwọn Ọmọ Wa Ṣe

A kí gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko àti lẹ́yìn odi. Àwa ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa ní Ìjẹrù là ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ owó lọ́wọ́ yín fún àtúnṣe òrùlé ilé ìkàwé.

Ìjì tó jà nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ló ká páànù apá kan ilé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìjì nìkan. Nígbà tí káfíńtà gòkè lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ọwọ́ lásán rún igi àjà kan lójú wa, nítorí pé ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ó ku èèpo. Bí a bá kan páànù tuntun mọ́ irú igi bẹ́ẹ̀, owó yín ni a fi ṣòfò.

Kò sí ọmọ tó fara pa, ẹ̀kọ́ kò sì dúró. Ìwé ni a pàdánù: àwọn tó wà lábẹ́ ibi tó ṣí sílẹ̀ rin gbingbin, ojú ewé wọn sì lẹ̀ mọ́ra. Àwọn tó kù wà nínú páálí ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, níbi tí ọmọdé kò lè dá wọ̀ lọ mú ìwé. Fọ́tò òrùlé nìkan la yà. A kò rí ìdí tí a ó fi to àwọn ọmọ síwájú kámẹ́rà kí àánú wọn lè ṣe yín.

Gbogbo iṣẹ́ náà yóò gba 1,850,000 náírà. Igi àti páànù yóò kó 1,400,000. Òògùn ikán, ìṣó àti owó ọkọ̀ jẹ́ 150,000. Owó iṣẹ́ káfíńtà jẹ́ 300,000. Àwa òbí ti dá 620,000 jọ, ó ku 1,230,000. Iye tí wọ́n dá lé ọjà fún wa nítòsí Tàkíé ni a fi ṣírò, ó sì lè yí padà, nítorí páànù kì í dúró lójú kan. Síìlì kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tuntun.

Bí owó kò bá pé kí àwọn ọmọ tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, apá tó ṣí sílẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ ṣe, a ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Bí ó bá ṣẹ́ kù, síìlì ni a ó fi í ṣe.

Àkántì ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ nìkan ni kí ẹ san owó sí, ẹni mẹ́ta ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó lè gba kọ́bọ̀ jáde. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára pátákó ìkéde ilé ẹ̀kọ́, níbi tí a ó máa lẹ gbogbo rìsíìtì mọ́. A ó fi ayọ̀ gba páànù tàbí igi lọ́wọ́ ẹni tó bá ní. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kò jẹ wá ní gbèsè àlàyé kankan. Ẹni tó bá sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i kó tó dáwó, kó yà wá ní àárọ̀ Sátidé èyíkéyìí. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ bàbá ọlọ́dẹ.