Inú tó ń fa aboyún àti ẹ̀jẹ̀ tó ń kán: èwo la lè fọkàn balẹ̀ sí, èwo la gbọ́dọ̀ sáré fún?

Àbẹ̀kẹ́, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí o gbà sílẹ̀ fún mi lórí fóònù lálẹ́ àná, mo wá to àwọn ìbéèrè ẹ lẹ́sẹẹsẹ mo sì dáhùn wọn síbí, kí o lè máa padà kà á, kí ọkọ ẹ náà sì kà á dáadáa torí òun ló máa wa mọ́tò tó bá di pé kẹ́ ẹ jáde lóru.

Àǹtí, mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára pátá mi láàárọ̀, kò pọ̀, ó dà bíi búráùn. Ọ̀sẹ̀ 9 ni mo wà. Ṣé oyún ti ń bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá, a ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nínú aboyún 4, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé 1 máa rí ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú wọn ló sì gbé oyún wọn dójú ẹ̀ tí wọ́n bí wẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ búráùn sábà máa ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú kó tó jáde, kì í ṣe èyí tó ń ya lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń rí tiwọn nígbà tí oyún ń lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, bíi ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn tó dúró, àkókò yẹn gan-an ni nǹkan oṣù ì bá dé, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi ń rò pé nǹkan oṣù òun ló wá fẹ́ẹ́rẹ́. Tìẹ ti kọjá ìyẹn. Ó lè jẹ́ ẹnu ilé ọmọ ni, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ máa ń pọ̀ sí i nínú oyún, nǹkan díẹ̀ tó bá ti fara kàn án, ó lè ṣẹ̀jẹ̀. O sọ pé ẹ̀yin méjèèjì jọ sùn lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìyẹn náà tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ẹ̀ sọ fún ẹ pé kí o jókòó sílé o. Ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí nínú oyún, bó ti wù kó kéré mọ, kí o jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú ẹ gbọ́ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ó ṣe pàtàkì fún ẹ gan-an torí o ò tíì ya síkáànù kankan, kò sì sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ ibi tí oyún jókòó sí.

Ibi tó jókòó sí báwo? Ṣé kì í ṣe inú ilé ọmọ ni gbogbo oyún ń wà ni?

Ibẹ̀ ló yẹ kó wà, àmọ́ nígbà míì ó máa ń dúró síta, nínú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà wá sínú ilé ọmọ. Ọ̀nà yẹn kò lè fẹ̀, tí oyún bá ń dàgbà níbẹ̀ ó lè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á wá máa dà sínú ikùn láìjẹ́ pé ó hàn síta púpọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí o mọ̀ ju gbogbo ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lè kéré gan-an, kó kàn jẹ́ àbàwọ́n lásán bíi tìẹ yìí, kí ẹ̀mí ẹni sì wà nínú ewu. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12 ló sábà máa ń fara hàn. Ohun tí o máa wò ni ìrora tó kó sí ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀ ikùn tí kò lọ, tàbí tó ń le sí i, òòyì tó ń kọ́ ẹ, kí o fẹ́ dákú nígbà tí o bá dìde, àti ìrora lórí èjìká. Èjìká tí mo wí yìí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, wọ́n á ní bóyá òun sùn lé e ni, wọ́n á fi róòbù pa á, ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ikùn ló ń kan iṣan tó jẹ́ kí èjìká máa dunni. Tí o bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ni kẹ́ ẹ kọrí sí tààrà, kì í ṣe kẹ́mísìtì, kì í sì í ṣe ilé àgbẹ̀bí ìtòsí.

Inú ìsàlẹ̀ máa ń fà mí bí ìgbà tí nǹkan oṣù fẹ́ dé. Ó ń wá, ó ń lọ. Ṣé ó bójú mu?

Tó bá jẹ́ fífà fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wá tó ń lọ, tó wà láàárín tàbí níhà méjèèjì, tí kò dá iṣẹ́ dúró fún ẹ, tí o bá sinmi tó sì dẹ̀, ó bójú mu, ilé ọmọ ló ń nà. Inú kíkún àti àìyàgbẹ́ náà ń fa irú ẹ̀, aboyún pọ̀ tí ìgbẹ́ ń há mọ́ nídìí, pàápàá tó bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin, máa mu omi dáadáa, máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ tó pọ́n.

Àmọ́ tó bá ti ń le bíi ìrọbí, tí ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń tẹ̀lé e, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì, tàbí nǹkan bí ẹran, ìyẹn lè jẹ́ oyún tó fẹ́ bàjẹ́, má dúró. Tí nǹkan bí ẹran bá jáde má dà á nù, fi sínú ike tó mọ́ kí o gbé e dání, dókítà máa fẹ́ wò ó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù?

Pádì ni kí o lò, má ki nǹkan kan sójú ara. Tó bá jẹ́ àbàwọ́n lásán lára pátá tàbí tíṣù, tí kò rin pádì, díẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti rin pádì bí ìgbà nǹkan oṣù, lọ lọ́jọ́ náà. Tó bá rin pádì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀, aago méjì òru ni o, òjò ń rọ̀ ni o. Kọ aago tí o pààrọ̀ pádì sínú fóònù ẹ, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń tini lójú, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gba aboyún sílé ìgbẹ̀bí máa ń rí i pé "ó pọ̀ díẹ̀" lẹ́nu ẹnì kan lè jẹ́ tótótó, lẹ́nu ẹlòmíì ó lè jẹ́ odindi pádì mẹ́ta, fọ́tò yẹn ni kì í jiyàn.

Màámi ọkọ mi ní òun máa gbé àgbo wá kó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kí n mu ún?

Dá màmá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má mu ún. A ò mọ bí ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, òmíì wà tó ń mú ilé ọmọ sún kì, tó bá sì jẹ́ oyún ìta ilé ọmọ ni, kò sí àgbo tó lè dá a dúró, ó kàn máa jẹ àkókò yín ni. Tí ara bá ń ro ẹ́, parasitamọ́ọ̀lù ni kí o lò bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Má lo ìbúpúrófẹ̀n, má sì dédé lo ásípírìn àfi tí dókítà bá kọ ọ́ fún ẹ.

Ṣé kí n dùbúlẹ̀ títí ọmọ á fi dúró dáadáa?

Sinmi tó bá rẹ̀ ẹ́, má gbé garawa omi. Àmọ́ kò tíì sí ẹ̀rí pé dídùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ máa ń dá oyún tó fẹ́ bàjẹ́ dúró. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó bàjẹ́, kì í ṣe torí o gbálẹ̀, kì í ṣe torí ẹ bára yín sùn, èyí tó pọ̀ jù nínú oyún tó ń bàjẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ni kò ṣẹ̀dá bó ṣe yẹ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbálòpọ̀ dúró ná títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ní inú máa ń ro aboyún tí oyún bá dàgbà. Irú èwo nìyẹn?

Láti bí oṣù kẹrin, o lè fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kó gún ẹ níkùn ìsàlẹ̀ lójijì, tàbí kí o sín kó fà ẹ́ lábẹ́ itan, kó sì lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iṣan tó gbé ilé ọmọ dúró ló ń nà, rọra máa dìde, máa fẹ̀gbẹ́ yí kí o tó jókòó. Òmíì tún wà tó jẹ́ egungun ìbàdí àti egungun iwájú lókè ojú ara ló ń dun ẹ, tí àtẹ̀gùn gígùn àti wíwọ ṣòkòtò lórí ẹsẹ̀ kan á di ìjàkadì. Kì í pa ọmọ lára. Jókòó wọ aṣọ, pa orúnkún méjèèjì pọ̀ tí o bá ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ tí o bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé rírìn ti ń nira, ní kí wọ́n kọ ẹ́ sí físíò.

Àmọ́ tí ìtọ̀ bá ń ta ẹ́, tí ara ń gbóná, tí ẹ̀yìn ń ro ẹ́ níbi ìhà, tàbí nǹkan olóòórùn ń jáde lójú ara, kì í ṣe egungun nìyẹn, àkóràn ni, ó sì lè fa ìrọbí àìtọ́jọ́. Ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ wò.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá yọ nígbà tí ikùn ti tóbi ńkọ́?

Láti oṣù márùn-ún lọ sókè, ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí, ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó dà láìsí ìrora lè jẹ́ ibi ọmọ tó bo ẹnu ilé ọmọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ̀ ẹ́ lábẹ́ títí wọ́n á fi ya síkáànù. Tí ikùn bá wá le gbagidi, tí ìrora ò sì dẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ pé ibi ọmọ ti ń já kúrò lára ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lè fara pamọ́ sínú, torí náà má dúró de ẹ̀jẹ̀. Ìfúnpá gíga ń fà á, ìṣubú náà sì ń fà á.

Ikùn tó ń le tó tún ń dẹ̀ láìlétò, tí omi mímu àti ìsinmi máa ń mú lọ, kò burú. Tó bá ń wá létòlétò tí oyún ò tíì pé ọ̀sẹ̀ 37, tàbí omira ya, tàbí ọmọ ò yí bó ṣe máa ń yí, jáde.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ Ó négátíìfù. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn án gan-an, inú mi dùn pé o rántí. Tí ẹ̀jẹ̀ ọkọ ẹ bá jẹ́ pọ́sítíìfù, ẹ̀jẹ̀ tó yọ lè jẹ́ kí ara ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ jà. Abẹ́rẹ́ wà fún un, láàárín wákàtí 72 tí ẹ̀jẹ̀ yọ ni wọ́n máa ń fẹ́ gún un. Dókítà ló máa sọ bóyá tìẹ nílò ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 9 yìí, ìwọ ṣáà sọ ọ́ kí wọ́n tó bi ẹ́. Má ṣi jìnótáìpù sọ fún wọn o, AA tí o ń sọ yẹn ọ̀tọ̀ ni.

Lónìí, kí o tó jáde, mú káàdì, pádì méjì àti owó síkáànù. Tí o bá dé ibẹ̀, sọ báyìí: "Ọ̀sẹ̀ 9 ni mo wà, ẹ̀jẹ̀ búráùn yọ láàárọ̀ àná, mi ò tíì ya síkáànù, Ó négátíìfù ni mí." Pè mí tí wọ́n bá ti fi èsì lé ẹ lọ́wọ́.