Ìwé ìfisílẹ̀ iṣẹ́: ilé 63, àwọn tí a ń ṣọ́, àti àwọn tí a ti darí sí ọsibítù

Abúlé wa lẹ́bàá Àyétẹ̀, Ìbàràpá
Jímọ̀, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, 2024

Àbúrò mi,

O kú ìmúra iṣẹ́ o. Rẹ́jísítà wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá tó ń bá wa gbálẹ̀. Ilé 63 ló wà nínú rẹ̀: 38 nínú abúlé gan-an, 14 ní òdìkejì odò, 11 ní gáà Fúlàní. Nọ́mbà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ni o máa bá nínú rẹ́jísítà. Òjò ti fọ ti ilé 19 àti 20 lọ, tún wọn kọ. Ohun tí rẹ́jísítà kò lè sọ fún ọ ni mo ń kọ síbí.

Ilé 14 ni kí o kọ́kọ́ yà ní Mọ́ńdè, kí o tó wọ ọ́fíìsì. Ìyàwó kékeré ilé alágbẹ̀dẹ, oyún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 34. Lánàá, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 150/100. Mo ní kó sinmi díẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n, 148/100. Purotéènì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ jin, kò sì tètè kún padà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìbejì ló ń wú u lẹ́sẹ̀. Àwa tí Igbó-Ọrà kò jìnnà sí, ta ló máa bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jiyàn? Mo ní kí wọ́n lọ lójú ẹsẹ̀, Màmá ní ó di ìgbà tí ọkọ bá gbọ́. Ọkọ wà l'Ékòó. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó rí i bá sọ̀rọ̀, ó sì fi owó ọ̀kadà ránṣẹ́. Òjò àárọ̀ yìí tún dá wọn dúró, ọ̀sán ni wọ́n tó gbéra. Mi ò tíì gbọ́ bóyá wọ́n dá a dúró ní ọsibítù. Ìwé rẹfára wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì pupa.

Tí o bá bá a nílé, tí wọ́n ní wọ́n ní kí àwọn padà wá lọ́jọ́ mìíràn, má gbà. Wọ̀n ọ́n, kí o sì dá wọn padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí orí bá ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tàbí tí òkè ikùn ń dùn ún, má dúró kọ ìwé rárá, ọlọ́kadà ni kí o pè. Nọ́mbà rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà ògiri. Màmá ni kí o bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ náà: kúnlẹ̀ kí i dáadáa, kí o sì jẹ́ kó gbà pé òun ló ní kí wọ́n lọ.

Ilé 6, ikọ́ ife. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, oṣù mẹ́fà ló máa lò ó. Ikọ́ ti lọ, ó ti sanra, òun náà ló wá ń sọ pé kí ni òun ṣì ń gbé oògùn mì fún. Lóṣù kejì ó tiẹ̀ dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí pé ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Oògùn ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò ó lẹ́nu báyìí tó bá ń gbé e mì, ó sì ń fa ilà sí káàdì. Ka ilà, kí o sì ka oògùn tó kù, kí àwọn méjèèjì bára mu. Kelebe tó kàn fún àyẹ̀wò, ìparí oṣù karùn-ún ni, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Má pe ikọ́ ife lójú àgbàlá. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà wọlé, bíi pé mo wá ra ẹyin, mo sì máa ń rà á lóòótọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́ta wà nínú ilé yẹn. Kò ní àìsàn kankan, ṣùgbọ́n ó yẹ kó máa lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ikọ́ náà mú un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní oògùn ti tán. Èyí ṣì wà lọ́rùn wa. Tẹ̀ lé wọn lọ fúnra rẹ, torí ìwé nìkan kò ní ẹnu.

Ilé 31: ọmọ oṣù 14, okùn apá kà á sí 11.2 ní ọjọ́ 6 oṣù yìí, ojú pupa ni. Kò wú lẹ́sẹ̀, ó sì ń jẹun, nítorí náà wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ láti ilé pẹ̀lú oúnjẹ inú ọ̀rá yẹn, èyí tó dà bí ẹ̀pà lílọ̀. Ní ọjọ́ 20 ó ti di 11.3, kò yá tó bó ṣe yẹ. Mo ń ronú ohun tó fà á títí mo fi rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ilé, tó ti ya ọ̀rá náà lẹ́nu, tó ń fà á mu, ètè rẹ̀ ń dán. Mi ò jẹ́ bá ìyá wọn wí. Àwọn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ebi ń pa gbogbo wọn, ta ló máa fún ọ̀kan ní ohun dídùn lójú ìyókù? Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé kó máa fún un ní yàrá nígbà tí àwọn yòókù bá lọ síléèwé, kó sì kó ọ̀rá òfìfo jọ fún wa. Tọ́sídeè, ọjọ́ 4 oṣù Keje, ni wọ́n ń retí rẹ̀ fún ìwọ̀n. Bí ibà bá mú un, tí kò jẹun mọ́, tàbí tó ń bì, kó má dúró de Tọ́sídeè.

Gáà: má wọ ibẹ̀ láìkọ́kọ́ kí Sẹ́ríkí. Ọmọ márùn-ún ni àjẹsára wọn kò pé. Orúkọ wọn wà lójú ewé 41, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí tí mo kọ síbẹ̀, ìṣírò lásán ni. Mo fi àkókò ìkórè àti àwẹ̀ bi wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ti gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá ló kàn. Méjì ti pé oṣù mẹ́sàn-án, wọn kò tíì gba ti èèyi àti ibà pọ́njú. Ọjọ́ wàrà ni kí o lọ kí àwọn obìnrin tó jáde, ìyẹn kí aago méje tó lù. Kí òjò má sì bá ọ ní òdìkejì odò: bí omi bá ti bo òkúta ńlá yẹn, má dábàá pé o máa kọjá.

Abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ti àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, àwọn ilé 40 àti 43 kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kò ní jẹ́ kí ọmọ bímọ. Mo sọ, mo sọ, wọn ò gbọ́. Ìyá ilé 38 ti jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ gbà á, òun ló lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn obìnrin mẹ́ta wà tó ń gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí ọkọ wọn kò mọ̀. Mi ò kọ nọ́mbà ilé wọn síbí, màá sọ ọ́ fún ọ lẹ́nu. Àwọn ló máa wá bá ọ. Ìwọ má lọ bá wọn.

Ẹrù: ìdánwò ibà 17, ORS 24, síǹkì wà, oògùn ibà ti àwọn ọmọdé ku mẹ́fà, mo ti béèrè òmíràn. Ẹ̀rọ ìfúnpá oníbátìrì ń sọ àsọdùn bí bátìrì bá ti ń kú. Onípọ́ǹpù ni mo fi wọn ti ilé 14, má ṣiyèméjì lórí ẹ̀.

Ilé 45, ajá wọn ń gé ni jẹ. Dúró lẹ́yìn ọgbà, kí o pe Ìyá Ìbejì. Oògùn ìfúnpá ìyá àgbà ibẹ̀ máa tán ní Wẹ́sìdeè.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Nọ́ọ̀sì Àgbà