Lẹ́tà Sí Onílé Wa Lórí Owó Ilé Ọdún Yìí

Òpópónà Baṣírì,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Bàbá wa,

Ẹ kú ọjọ́ òjò. Ẹ bá mi kí Màmá ní Ìkéré. Mo kúnlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọ̀la ni owó ilé wa parí. ₦240,000 ni, owó mi kò sì pé. Mo fi ₦100,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí. Ó ku ₦140,000. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè di ọjọ́ Jimọ̀, ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, kí n fi san ìyókù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó fà á rèé. Ilé-ìwé kan gbé iṣẹ́ aṣọ ọmọ ilé-ìwé 45 fún mi. Èmi ni mo ra aṣọ, mo ra òwú àti bọ́tìnnì, mo rán an, mo lọ̀ ọ́, mo sì kó o fún wọn kí wọ́n tó wọlé. Nínú ₦180,000, ₦60,000 ni wọ́n tíì san. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé ọjọ́ tí mo dá fún yín lé owó wọn. Orí àjọ ni mo gbé e lé. Àwa méjìlá la ń dá a, ₦15,000 lóṣù, èmi sì ni kíkó kàn ní oṣù kọkànlá. Ọjọ́ 22 la ó kó o. Mo fi ọjọ́ mẹ́fà lé e, torí ẹ mọ bí àjọ ṣe ń rí: ẹnìkan á ṣáà pẹ́ dá tirẹ̀. Bí ilé-ìwé bá san ṣáájú, ẹ ó gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

N kò ní kí ẹ sún ọdún síwájú o. Ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá ni ọdún wa ṣì máa bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú rìsíìtì. Mẹ́rin ni rìsíìtì yín tó wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá oṣù kẹsàn-án. (Páànù tó ń jò lókè kíṣìnì, n kò fẹ́ dá a mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn.)

Bí ẹ bá gbà, ẹ bá mi kọ "mo gbà á" àti ọjọ́ náà sísàlẹ̀ ìwé yìí, kí ẹ fi rán Táíwò tó mú un wá. Bí ẹ bá sì ní ọjọ́ mìíràn lọ́kàn, ẹ pè mí lálẹ́, lẹ́yìn agogo méje, nígbà tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Ìbejì, yàrá méjì ọwọ́ ẹ̀yìn.