Lẹ́tà sí Bàbá mi nínú Olúwa lórí iṣẹ́ Èkó

Ìkógòsí-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi nínú Olúwa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, sà. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú àdúrà lórí wa. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọ̀ díẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ. Orí ìkúnlẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú yín ní Ẹ̀fọ̀n. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kejì mi ti lọ ìsinmi ìbímọ, mi ò sì lè fi ilé ìlera sílẹ̀ lófo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹkún ni yóò gbà á lẹ́nu mi.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó ti pè mí láti wá ṣe olórí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. ₦420,000 lóṣù ni wọ́n máa san, pẹ̀lú yàrá méjì tí a ó máa gbé. ₦145,000 ni mò ń gbà níbí. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì mi. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Bàbá Tólú nìkan ló mọ̀, òun ló sì ní kí n kọ́kọ́ fi tó yín létí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́.

Bàbá, ẹ rántí ọdún 2008, nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn àgbà kan sọ pé ìlú tí wọ́n sin Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá sí, ìjọ tí ń fi omi ìyè gba aláìsàn, kò yẹ kí ọmọ rẹ̀ máa gún abẹ́rẹ́. Ẹ ò bá wọn jà. Ẹ kàn pè mí, ẹ gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, ẹ ní Ọlọ́run mọ ìdí tí òun fi dá wọn. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì wọ yàrá ìgbẹ̀bí kan láìrántí ọwọ́ yín lára ọwọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbé wọn lọ síbòmíràn láìwá bi yín.

Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an ni kí n sọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fo orúkọ mi nígbà ìgbéga, lẹ́ẹ̀kejì. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìpè Èkó sì dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló ṣílẹ̀kùn, tàbí ìbínú ló ń fẹsẹ̀ mi wá ọ̀nà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n fi ọ̀kadà gbé obìnrin kan wá láti oko. Kò sí iná. Tọ́ọ̀ṣì tí ìyá rẹ̀ gbé dání ni mo fi gba ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ ròkè bó ṣe jáde. Nígbà tí mo ń fọ ọwọ́, mo ronú pé, bí mo bá ti wà ní Èkó, ta ni wọn ì bá bá níbí? Lójú kan náà ni mo tún rántí Tólú tó fẹ́ ṣe JAMB lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Yèyé mi tí a ń rà lóṣooṣù.

Mo ti ń ka Ẹ́kísódù orí kìn-ín-ní, nípa Ṣífírà àti Púà. Bíbélì ní Ọlọ́run kọ́ ilé fún àwọn agbẹ̀bí náà. Mo ń bi ara mi bóyá ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ni Ó ti kọ́ ọ, tàbí ibòmíràn. Ẹ gbà mí láyè láti bi yín náà, sà.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í sọ fún ènìyàn pé, “Lọ,” tàbí “Má lọ.” Ìbéèrè lẹ máa ń bi wá, títí ara wa yóò fi tú síta. Èyí ni mo ń tọrọ. Bí ẹ bá sì rí àṣìṣe nínú bí mo ṣe ń rò ó, ẹ bá mi wí, mi ò ní ṣàròyé.

Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí n wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ọjọ́rú ni àyẹ̀wò aláboyún, mi ò lè kúrò nígbà náà. Bí ààyè ò bá sí, ẹ rán Tólú padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, n ó dúró de ọjọ́ tí ẹ bá dá.

Iṣu mẹ́ta tó gbé wá, ti oko Bàbá Tólú ni, Màmá ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ẹ má rò pé nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni.

Èmi ni ọmọ yín nínú Olúwa,
Ìyá Tólú.